Lẹ́tà Ìbéèrè sí Yunifásítì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Ká Tó San Kọ́bọ̀

Irú ímeèlì kan wà tó máa ń wọlé sí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà, tí kì í ju ìlà méjì lọ: “Ẹ káàárọ̀ o, sà. Mo fẹ́ wá ka másítàsì lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ ń bèèrè fún mi, iye owó ilé-ìwé àti ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí.” Kò sí àrífín kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, èsì tó sábà máa ń gbà ni àdírẹ́ẹ̀sì ojú ewé kan lórí ìkànnì yunifásítì náà, pẹ̀lú “ẹ ṣeun” lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ á máa rò pé wọn ò ka òun sí. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ti kọ síta fún gbogbo ayé ló bèèrè. Èyí tó kan òun nìkan, kò mẹ́nu bà á.

Ìbéèrè tó yẹ ká kọ ránṣẹ́ ni ti ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí ìkànnì. Ẹni tí kò bá sì tíì bèèrè rẹ̀ kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń san owó àsansílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń kó sí gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́bìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá, pẹ̀lú máàkì 3.38 nínú 5.00. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ní yàrá àyẹ̀wò ọsíbítù. Másítàsì nínú ìlera àwùjọ ló fẹ́ lọ kà fún ọdún kan, ní yunifásítì kan tí kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án. Ìkànnì wọn sọ pé tú-wán ni àwọn ń bèèrè, àti pé £18,000 ni owó ilé-ìwé fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè.

Ta ni yóò ka lẹ́tà náà?

Ẹni tó fẹ́ ka dìgírì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ọ̀dọ̀ àjọ UCAS kọjá. Ti másítàsì kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ibi: orí ìkànnì yunifásítì fúnra rẹ̀ la ti ń forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú yunifásítì kan ṣoṣo, ó tó ọwọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà pín sí. Olùkọ́ tó ń darí ètò ẹ̀kọ́ náà ló mọ̀ bóyá ohun tí ẹ ti kọ́ bá ti wọn mu. Ọ́fíìsì ìgbàwọlé ló ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, ibẹ̀ náà ló sì sábà máa ń mójú tó CAS, ìyẹn nọ́ńbà tí yunifásítì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi gba físà. Ọ́fíìsì tó ń rí sí owó ló mọ̀ nípa owó àsansílẹ̀, ìgbà tí a ó san án, àti bí wọ́n ṣe ń dá a padà.

Tí a bá kó ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú lẹ́tà kan tí a sì fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́, ó lè fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kejì, kí ìyẹn tún dá a padà pé ìdajì rẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì lè lọ báyìí. Lẹ́tà kúkúrú méjì ló dára jù: ọ̀kan sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, èkejì sí ọ́fíìsì ìgbàwọlé lórí owó àti ọjọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kò sí lọ́wọ́ yunifásítì rárá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Bìrìtánì kò jẹ́ kí ẹni tó ń ka irú másítàsì ọlọ́dún kan yìí mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ lọ́wọ́ wá mọ́, àfi tí ìjọba kan bá ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí, irú bí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé, ni òfin náà yọ sílẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó lè yí i padà, bó ti wù kó fẹ́ràn akẹ́kọ̀ọ́ tó.

Máàkì, Gẹ̀ẹ́sì àti ìwé àkójọ máàkì

Níbi tí wọ́n ti ń lo òṣùwọ̀n 5.00, láti 3.50 dé 4.49 ni tú-wán. Láti 2.40 dé 3.49 ni tú-tú. Nítorí náà, tú-tú ni ọ̀dọ́bìnrin wa ní, díẹ̀ ló sì fi dín sí ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn á pa ìkànnì náà dé níbẹ̀, wọ́n á wá ibòmíràn lọ. Àwọn mìíràn á forúkọ sílẹ̀ láìbèèrè, wọ́n á sì máa retí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́, pàápàá àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ bí ìlera àwùjọ, máa ń wo ìrírí iṣẹ́ ẹni tí máàkì rẹ̀ dín díẹ̀. Ẹni tó lè sọ bí wọ́n ṣe ń wò ó ni olùkọ́ tó ń darí ètò náà. Ìbéèrè tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Ìdánwò IELTS 6.5 ló wọ́pọ̀ fún másítàsì, tí wọn kì í sì í fẹ́ kí apá kankan lọ sílẹ̀ ju 6.0. Èsì rẹ̀ kì í lò ju ọdún méjì lọ. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀kọ́ dìgírì, òfin físà gba yunifásítì láàyè láti fúnra rẹ̀ yẹ Gẹ̀ẹ́sì akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gba Gẹ̀ẹ́sì wáẹ̀kì, C6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Kí a tó ná owó sórí IELTS, ó yẹ ká bèèrè: ṣé ẹ ń gba wáẹ̀kì, máàkì wo ló kéré jù, àti pé ṣé ọdún tí mo ṣe é kan yín? Ẹni tó ṣe wáẹ̀kì ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò gbọdọ̀ fo ìbéèrè kẹta yẹn.

Ìwé àkójọ máàkì, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní tránsíkírípìtì, ló máa ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà dúró jù. Ilé-ìwé tí a ti jáde ló ń fi í ránṣẹ́ tààrà sí yunifásítì tí a ń lọ, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù bíi mélòó kan. Nítorí náà, ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé ẹ̀dà tí mo yà ní fọ́tò tó láti fi pinnu ọ̀rọ̀ mi, kí èyí tí ilé-ìwé yóò fi ránṣẹ́ máa bọ̀ lẹ́yìn? Níbi tí wọ́n bá ti gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á fún un ní ìwé ìgbàwọlé tó ní májẹ̀mú nínú. Ó yẹ kó mọ ọjọ́ tí májẹ̀mú náà gbọ́dọ̀ pé.

Àwọn tó fẹ́ ka irú ẹ̀kọ́ kan nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, kẹ́míkà, físíìsì tàbí ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí tún gbọ́dọ̀ bèèrè bóyá ẹ̀kọ́ náà nílò ATAS. Ìwé àyè tí ìjọba Bìrìtánì ń fúnni ni, torí àwọn ìmọ̀ tí wọn kò fẹ́ kó ti ibẹ̀ di ohun ìjà. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó máa ń tó ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jáde, a kò sì lè gbé ìwé físà wọlé láìsí i. Ẹni tí kò bèèrè nípa rẹ̀ títí di oṣù keje lè pàdánù ọdún náà.

Lẹ́tà náà rèé

Ohun tí ọ̀dọ́bìnrin wa lè kọ sí olùdarí ètò ẹ̀kọ́ rèé, bí a bá sọ ọ́ lédè wa:

“Ẹ̀yin Ọ̀mọ̀wé, mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún másítàsì ìlera àwùjọ yín ti oṣù kẹsàn-án. Ọmọ Nàìjíríà ni mí, ìbẹ̀ ni mo sì ń gbé. Mo gba dìgírì nínú ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí pẹ̀lú 3.38 nínú 5.00, èyí tó jẹ́ tú-tú. Mo rí i lórí ìkànnì yín pé tú-wán ni ẹ ń bèèrè. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ọsíbítù, níbi tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ wò fún ibà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ohun méjì ni mo fẹ́ bi yín. Èkíní, ṣé ẹ máa ń wo irú ìrírí yìí fún ẹni tí máàkì rẹ̀ dín díẹ̀, ìwé ẹ̀rí wo ni ẹ sì fẹ́ kí ọsíbítù kọ nípa rẹ̀? Èkejì, mo ṣe ìṣirò ìwádìí fún sáà ẹ̀kọ́ kan péré ní yunifásítì; ṣé ó tó fún ẹ̀kọ́ yín? Ìwé àkójọ máàkì mi àti ìtàn iṣẹ́ mi wà nínú fáìlì kan tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ ṣeun.”

Ẹ wò ó pé kò bèèrè iye owó lọ́wọ́ olùkọ́, kò sì sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ó dín sí, nítorí olùkọ́ náà yóò rí i nínú ìwé lọ́nàkọnà. Ìbéèrè méjèèjì ló ní èsì tó ṣe é kọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Orúkọ tó fi sílẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ mu, kí wọ́n lè rí i so pọ̀ mọ́ fáìlì rẹ̀ tó bá forúkọ sílẹ̀.

Owó kì í ṣe £18,000 nìkan

Nínú lẹ́tà kejì, sí ọ́fíìsì ìgbàwọlé, ọ̀rọ̀ owó ló ṣáájú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni iye owó àsansílẹ̀ tí wọn yóò gbà kí wọ́n tó fúnni ní CAS. Ó yàtọ̀ láti yunifásítì sí yunifásítì. Àwọn kan tiẹ̀ ń gba ìdajì owó ilé-ìwé. Ká ní tiwọn jẹ́ £4,000. Ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e ni bóyá wọ́n máa ń dá a padà tí wọn kò bá fún un ní físà, àti iye tí wọ́n máa ń yọ níbẹ̀. Ó yẹ kí èsì yìí wà nínú ìwé, kì í ṣe lórí fóònù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó tí ìjọba Bìrìtánì fẹ́ rí nínú àkáǹtì. Owó ilé-ìwé tó kù ni apá kan: £18,000, ká yọ £4,000, ó ku £14,000. Owó oúnjẹ àti ilé oṣù mẹ́sàn-án ni apá kejì. Gẹ́gẹ́ bí òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, £1,171 ni lóṣù fún ẹni tí ilé-ìwé rẹ̀ wà lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù, £1,529 sì ni fún ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù mẹ́sàn-án ti ọ̀dọ́bìnrin wa jẹ́ £10,539. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ £24,539.

Owó yìí gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n léraléra láìwálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nínú wọn kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣáájú ọjọ́ tí a gbé ìwé físà wọlé. Àkáǹtì ara rẹ̀ ni, tàbí ti bàbá tàbí ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìbí àti lẹ́tà tí òbí náà fi fọwọ́ sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń kọsẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni ọmọ ẹni ni, bùọ̀dá tó wà ní Hústọ̀n lè ní òun ló máa san gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ní gba àkáǹtì àbúrò bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí pásítọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kí owó náà wọ àkáǹtì tirẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀ kí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá tọ́jú owó náà ní náírà tún gbọ́dọ̀ fi àlékún sí i. Iye pàṣípààrọ̀ tí OANDA gbé jáde ní ọjọ́ tí a gbé ìwé wọlé ni ìjọba Bìrìtánì ń lò láti ṣírò owó náà. Náírà tó tó £24,539 ní oṣù keje lè máà tó o mọ́ ní oṣù kẹjọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àkáǹtì náà.

Owó físà (£524 ló jẹ́ ní ọdún 2025) àti owó ìtọ́jú ìlera kò sí nínú gbogbo ìyẹn. £776 ni owó ìlera fún ọdún kan, ṣùgbọ́n físà ẹ̀kọ́ ọdún kan máa ń kọjá oṣù méjìlá, nítorí wọ́n ń fi oṣù mẹ́rin kún un lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Torí náà, owó ọdún kan àti ààbọ̀ ni yóò san, £1,164. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà tún ní owó tirẹ̀. Tí a bá ro owó àsansílẹ̀, owó inú àkáǹtì, físà àti ìlera pọ̀, ó ti kọjá £30,000, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kò sì tíì wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kan àwọn ìdílé wa tí ọmọ wọn ní ìwé ìrìnnà Bìrìtánì. Ọmọ tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n sì mú wá sí Ìbàdàn tàbí Èkó tọ́ kì í fi ìwé ìrìnnà nìkan san owó ọmọ onílé. Yunifásítì ń wò ó bóyá ilẹ̀ Bìrìtánì ló fi ṣe ibùgbé fún ọdún mẹ́ta ṣáájú kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yẹ kó kọ ìtàn ibùgbé rẹ̀ lọ́dún dọ́dún sínú lẹ́tà, kó sì bèèrè irú owó tí wọn yóò bu fún òun kó tó gba ìwé ìgbàwọlé wọlé.

Gbèdéke kì í ṣe ọjọ́ kan

Ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí ni gbogbo èèyàn ń bèèrè, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló ń ṣòro jù. Gbèdéke mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà náà: ti ìforúkọsílẹ̀, ti owó àsansílẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò fúnni ní CAS gbẹ̀yìn, àti ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti dé kíláàsì bó ti wù kó pẹ́ tó. Ti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ sì wà lọ́tọ̀. Ti Chevening, fún àpẹẹrẹ, máa ń ṣí ní oṣù kẹjọ, ó sì máa ń tì láàárín oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú. Ẹni tó dúró dìgbà tí yunifásítì gbà á kó tó wá a ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yìn la ti ń ka ọjọ́ wọ̀nyí bọ̀ wá sí iwájú. Ẹ̀kọ́ ọ̀dọ́bìnrin wa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án. Físà máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ìka ọwọ́, kò sì sí ìdánilójú. Ká ní ó fẹ́ gbé ìwé wọlé ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ. Kí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tó lè pé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, £24,539 gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkáǹtì láti ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje. Nítorí pé inú £18,000 la ti yọ £4,000, ó gbọ́dọ̀ ti san owó àsansílẹ̀ náà kí CAS rẹ̀ lè sọ pé £14,000 ló kù. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ìwé rẹ̀ ń lò fún oṣù mẹ́fà, lè wáyé ní oṣù kẹfà. Ìwé àkójọ máàkì sì yẹ kó ti kúrò ní ilé-ìwé rẹ̀ láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin.

Báyìí ló ṣe hàn pé bí ìkànnì bá tiẹ̀ sọ pé ìforúkọsílẹ̀ ṣí títí di ìparí oṣù keje, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì pé ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, àfi tó bá sún ọjọ́ físà sókè tó sì fara mọ́ ewu pé ó lè pẹ́ dé kíláàsì.

Nígbà tí èsì bá dé

Ká ní olùkọ́ náà dáhùn pé àwọn máa ń wo ìrírí, àti pé kó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní ọsíbítù. Ìyẹn kì í ṣe ìlérí pé wọn yóò gbà á. Ó kàn sọ pé fáìlì rẹ̀ kò ní ṣubú lójú ẹsẹ̀ nítorí 3.38. Kó tọ́jú lẹ́tà náà, kó sì so ó mọ́ ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ tó máa yẹ fáìlì wò ní ọ́fíìsì ìgbàwọlé lè máà jẹ́ ẹni tó kọ ọ́. Tí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá bá kọjá láìsí èsì, kó tún lẹ́tà kan náà fi ránṣẹ́ lábẹ́ ti àkọ́kọ́, kó má bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Tó bá sì jókòó pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n wo ìṣirò náà, tí wọ́n rí i pé owó kò ní pé ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù láti kọ: ṣé ètò ẹ̀kọ́ yìí tún máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, tàbí ṣé mo lè sún ìwé ìgbàwọlé mi sí ọdún tó ń bọ̀, àti pé ṣé owó ilé-ìwé yóò yí padà tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà á. Ẹni tó bèèrè rẹ̀ kó tó san £4,000 náà ló ṣì lè yàn. Ẹni tó ti san án tán, tí owó yòókù kò sì pé, ti wà lábẹ́ òfin ìdápadà tí yunifásítì kọ, ó sì lè jẹ́ pé físà tí wọn kò fún un nìkan ni wọ́n kà sí ìdí.